Ọwọ́ Yíyà Kì Í Fẹ Àyà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Púṣọ́ọ̀pù

Pátákó aláwọ̀ mèremère kan wà lọ́jà báyìí tí wọ́n dá ihò sí lára, ihò yìí lèèyàn á ki igi ìdìmú bọ̀ kó tó ṣe púṣọ́ọ̀pù. Wọ́n ní ihò búlúù wà fún àyà, pupa fún èjìká, àwọ̀ ewé fún ẹ̀yìn apá, yẹ́lò fún ẹ̀yìn. Owó táwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ń kó lé e ń dùn mí, torí kò síhò tó lè ní kí iṣan kan sinmi kí èkejì máa dá ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló ń jùmọ̀ ti ara kúrò nílẹ̀. Ti ẹ̀yìn yẹn tún burú jù: nǹkan fífà làwọn iṣan ńlá ẹ̀yìn ń bá èèyàn ṣe, títì sì ni púṣọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀yìn òun le, kó lọ wá ibi tí yóò so rọ̀ sí, kó máa fa ara rẹ̀ sókè.

Àṣìṣe kìíní: yíya ọwọ́ gbàràgàdà nítorí àyà.

Èyí ló gbilẹ̀ jù. Iṣan àyà bẹ̀rẹ̀ láti igbá àyà àti eegun abẹ́ ọrùn, ó sì lọ so mọ́ eegun apá lókè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa apá wá síwájú ara. Iṣan ẹ̀yìn apá ní tirẹ̀ ló ń na ìgúnpá. Tí ẹ bá ya ọwọ́ jù, àyè tí ara fi ń lọ sílẹ̀ á kúrú, ìgúnpá ò sì ní nà tó bó ṣe yẹ, iṣẹ́ á dín kù fún ẹ̀yìn apá. Àyà á máa fà yín gan-an nísàlẹ̀, ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ nìyẹn, ẹ óò rò pé àyà ló ń gba gbogbo iṣẹ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, wọ́n lẹ ohun tó ń ka iná ara mọ́ àyà àti ẹ̀yìn apá 40 èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ yíyà, ọwọ́ tó ṣe déédéé èjìká, àti ọwọ́ tó sún mọ́ra. Ọwọ́ tó sún mọ́ra ló mú kí iṣan méjèèjì ṣiṣẹ́ ju ti ọwọ́ yíyà lọ, àyà pàápàá kò gbẹ́yìn.

Ọwọ́ yíyà tún máa ń gbé ìgúnpá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ara á wá rí bíi lẹ́tà T téèyàn bá wò ó látòkè. Níbẹ̀, okùn iṣan tó gba orí eegun apá kọjá lè há sábẹ́ eegun tó bo èjìká lórí. Ẹ óò mọ̀ tó bá ti bẹ̀rẹ̀: tí ẹ bá gbé apá sókè gba ẹ̀gbẹ́, èjìká á dùn yín bí apá bá ti ń dé ibi tó ṣe déédéé rẹ̀.

Ibi tó yẹ ọwọ́ ni ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ àyà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ etí, kí àtàǹpàkò wà níta abíyá díẹ̀. Kí ìgúnpá fi bíi digírì 45 jìnnà sí ara, kí ara rí bí orí ọfà. Ẹ gbé fóònù kalẹ̀ níwájú yín kí ẹ fi ya fídíò ara yín, ẹ tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí àyà bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó yẹ kí apá ìsàlẹ̀, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, dúró ṣánṣán bí òpó ní ìhà méjèèjì. Tí ìgúnpá bá wà nínú ju ọwọ́ lọ, ọwọ́ ti yà jù. Tó bá sún sẹ́yìn ju ọwọ́ lọ, ọwọ́ ti lọ síwájú jù.

Ẹ má sì yí ìka ọwọ́ kọjú síra wọn. Iwájú ni kí wọ́n kọjú sí.

Àṣìṣe kejì: fífún eegun pẹlẹbẹ èjìká pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn tó ti máa ń dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì gbé irin ló sábà máa ń kó èyí wá. Lórí bẹ́ǹṣì, ara ló tẹ eegun méjèèjì mọ́lẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ lọ. Nínú púṣọ́ọ̀pù, ẹ̀yìn ò kan nǹkan kan, ó sì yẹ kí wọ́n máa rìn. Iṣan kan wà lábẹ́ abíyá tó so mọ́ eegun ìhà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ so mọ́ etí inú eegun pẹlẹbẹ náà. Òun ló ń tẹ eegun yẹn mọ́ ìhà, òun ló sì ń fà á síwájú. Ẹni tó bá fún èjìká pọ̀ ti dá iṣan yìí dúró.

Bí ẹ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí eegun méjèèjì máa sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ lókè, kí wọ́n máa jìnnà síra. Ọ̀pọ̀ ń dúró ní kété tí ìgúnpá bá ti nà, iṣẹ́ ò sì tíì parí níbẹ̀. Ẹ tún ti ilẹ̀ sí i, láìká ìgúnpá, títí kòtò tó wà láàárín èjìká méjèèjì lẹ́yìn á fi kún. Àyà á gòkè díẹ̀ sí i. Kí ẹnì kan wo ẹ̀yìn yín láìsí aṣọ: tí etí eegun náà bá yọ síta bí apá adìyẹ, iṣan yẹn ò tíì lágbára tó. Ẹ máa na ìgúnpá, kí ẹ kàn máa jẹ́ kí àyà rì láàárín èjìká kí ẹ sì tún tì í sókè, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ púṣọ́ọ̀pù gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ apá kan péré ló yọ síta gan-an, tí ọwọ́ ọ̀hún ò sì lè gòkè orí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, ó lè jẹ́ okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá sínú iṣan yẹn ló bàjẹ́.

Ti ikùn wá kù. Iṣan ikùn àti ti ìdí kì í gbé ara sókè nínú púṣọ́ọ̀pù, ńṣe ni wọ́n ń dènà kí ìbàdí má bàa wọlẹ̀. Tí ikùn bá kan ilẹ̀ ṣáájú àyà, wọ́n ti jáwọ́ nìyẹn, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ fún ìdí pọ̀, kí ẹ ká ìbàdí wọlé bí ajá tó ká ìrù sábẹ́, kí ẹ tó ká ìgúnpá rárá. Ẹ má fi àgbọ̀n wá ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó wọn kílò 80, tó ń ṣe 25 pẹ̀lú ọwọ́ yíyà tí kò sì lọ ju ìdajì ọ̀nà. Tó bá tún ọwọ́ ṣe, tó sọ àyà kalẹ̀ dáadáa, ó lè má ju 6 lọ kí ìbàdí tó já. Kò yà mí lẹ́nu, torí bíi kílò 51 lọwọ́ rẹ̀ ń tì nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kó má kúnlẹ̀, torí ìkúnlẹ̀ kì í kọ́ ikùn níṣẹ́ tó. Kó gbé ọwọ́ lé tábìlì tó lágbára, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹrù á wálẹ̀ sí bíi kílò 33, ara á sì tún nà tán láti orí dé gìgísẹ̀. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kó sinmi ìṣẹ́jú méjì, kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣe 12 léraléra lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìbàdí ò já, kó sọ̀ kalẹ̀ sórí àpótí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, níbi tí ẹrù ti jẹ́ bíi kílò 44. Tó bá tún ṣe 12 níbẹ̀, kó bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó sì tún gbé fóònù kalẹ̀ wo apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ṣì dúró ṣánṣán.