Mo gbé Ṣábẹ lọ sétíkun: bí mo ṣe túmọ̀ orí ìwé ìtàn kan

Ọmọ Ṣábẹ ni mí, Ṣábẹ náà ni mo sì jókòó sí lóṣù mẹ́ta tí mo fi túmọ̀ orí kan nínú ìwé ìtàn láti Faransé sí Yorùbá. Òwò etíkun Wídà, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ní nǹkan bíi 300 ọdún sẹ́yìn ni orí náà ń sọ, títí dé 1727 tí ogun Agájá, ọba Dàhòmì, gba etíkun náà. Faransé ọ̀mọ̀wé tó kọ ọ́ kò ni mí lára. Àwọn àyọlò inú rẹ̀ ni: ìwé oníṣòwò, lẹ́tà ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, àwọn kan ní Faransé, àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó dà kọ bí ó ṣe bá wọn, láìtún àkọtọ́ kankan ṣe.

Àkọtọ́ náà kò le tó bó ṣe rí lójú. Ẹni tó bá rí roy, estoit, sçavoir àti tems lè rò pé èdè mìíràn ni. Mo máa ń kà á sókè, etí á sì gbọ́ roi, était, savoir àti temps. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló máa ń fi ojú ṣeré: s gígùn, ſ, tó jọ f. Igi tó dábùú f máa ń la ara rẹ̀ kọjá sọ́tùn-ún. Ti ſ, bó bá tiẹ̀ ní, apá òsì nìkan ló máa ń yọ sí. Ẹni tó tẹ àyọlò kan nínú orí yìí kò mọ̀, ó tẹ vaiffeau. Vaisseau ni, ọkọ̀ ojú omi. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀mọ̀wé náà, ó sì tún un ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi Yorùbá àtijọ́ túmọ̀ àwọn àyọlò, kí n máa kọ nwọn, aiye àti enia, kí ó lè dùn bí ìwé àgbà. Mo dán an wò nínú ìpínrọ̀ kan, mo sì pa á rẹ́. Àkọtọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nìyẹn, kò tíì sí nígbà tí àwọn oníṣòwò àti ọ̀gá ọkọ̀ wọ̀nyẹn kọ̀wé wọn. Òǹkàwé á rò pé ìwé ilé ìjọsìn kan ní Abẹ́òkúta ni mo rí. Yorùbá òní ni mo fi túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Orúkọ ìlú àti orúkọ ènìyàn nìkan ni mo fi sílẹ̀ pẹ̀lú àkọtọ́ àtijọ́, mo sì kọ tòde òní sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, galline, ló kọ́kọ́ gbé mi ṣubú. Mo mọ̀ pé galinha ni adìẹ ní èdè Potogí, Potogí ló sì kọ́kọ́ bá àwọn ará etíkun ṣòwò, nítorí náà mo kọ “adìẹ” láìronú. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó tún ìpínrọ̀ náà kà, mo wá rí i pé aṣọ kan ní iye adìẹ tí agbo kò lè gbà. Mo wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan náà: nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ náà ń ra adìẹ gidi fún oúnjẹ àwọn èèyàn rẹ̀, poules ló kọ. Galline tirẹ̀ kì í jẹ àgbàdo.

Owó ni. Owó ẹyọ 40 tí wọ́n sín sórí okùn ni wọ́n ń pè ní toque. Toque márùn-ún jẹ́ galline kan, ìyẹn owó ẹyọ 200, tí wọ́n fi orúkọ adìẹ pè nítorí pé iye tí wọ́n ń ta adìẹ kan nìyẹn. Ogún galline jẹ́ cabesse kan, 4,000. Mo kọ ọ́ sínú káyé mi báyìí: ogójì, igba, ẹgbàajì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí Faransé fi ọ̀rọ̀ Potogí kọ, ìṣirò ilé wa ni. Nínú ìtúmọ̀ mi, “igba owó ẹyọ” ni galline, kò sì sí òǹkàwé tó nílò kí n ṣàlàyé ìṣirò náà fún un, èyí tí ọ̀mọ̀wé náà fi odindi ìpínrọ̀ ṣe fún àwọn tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sabee ni mo fẹ́ sọ. Nínú àyọlò Gẹ̀ẹ́sì kan, oníṣòwò náà lọ kí ọba ní Sabee. Orí mi wú. Ọmọ Ṣábẹ wo ni yóò rí èyí tí kò ní yọ̀? Mo kọ “Ṣábẹ” gàdàgbà, mo tilẹ̀ pe àbúrò bàbá mi lórí fóònù láti kà á fún wọn.

Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Tún ibi tó ti gbéra kà fún mi.” Mo tún un kà: ó fi etíkun sílẹ̀ láàárọ̀, wọ́n gbé e nínú àmọ́kà, aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá tí àwọn èèyàn ń gbé léjìká, ó sì bá ọba jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ní, “Àwọn wo ló gbé e? Ẹyẹ?” Láti etíkun dé ọ̀dọ̀ wa lé ní 200 kìlómítà.

Ojú tì mí. Mo padà sínú orí náà, mo fa ìlà sínú káyé mi: orúkọ bí ó ṣe wà nínú àyọlò, ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó kọ ọ́, ibi tó ní ìlú náà wà, orúkọ rẹ̀ lónìí. Ìlà kẹrin yẹn ló ṣe pàtàkì jù. N kì í fọwọ́ kan ìlà karùn-ún títí ìlà kẹrin yóò fi kún. Sabee ti Gẹ̀ẹ́sì àti Xavier ti Faransé ṣubú sí ibì kan náà, nǹkan bíi kìlómítà 10 sí àríwá Wídà. Savi ni, olú ìlú ọba Huẹdá, tí àwọn Dàhòmì pa run ní 1727 yẹn gan-an. Juda di Wídà, Ardres di Àládà. Eyo ni Ọ̀yọ́, kì í ṣe Ẹ̀yọ̀ Èkó. Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ tó ya wọ Dàhòmì ní 1726 kò jẹ́ kí n ṣiyèméjì.

Nígbà tí mo wá mú ìtúmọ̀ náà lọ fún bàbá, ibi Savi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Wọ́n wo àkámọ́ mi, wọ́n ní kò tó. “Ọmọ wa mìíràn á tún kà á, orí tirẹ̀ náà á wú.” Wọ́n fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Níbẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí níwájú wọn: Sabee yìí kì í ṣe Ṣábẹ.