Bí mo ṣe yanjú omi tó ń dúró nílẹ̀ balùwẹ̀ wa

Nínú ilé tí a ń gbé ní Sùúrùlérè, bí ẹnikẹ́ni bá wẹ̀ tán, omi ọṣẹ á kún ilẹ̀ balùwẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Nítorí pé omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣì ń lọ geerege, mo gbà pé inú tírápù ilẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó tẹ̀ lábẹ́ ihò tí omi ń gbà jáde, ni ìdíwọ́ náà wà, kì í ṣe inú kòtò ìta.

Mo ṣí ìdérí, mo fi ife gbọ́n omi inú rẹ̀, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo sì ki ọwọ́ bọ ibi tí ó ti tẹ̀. Irun tí ọṣẹ líle ti so pọ̀ ni mo kọ́kọ́ fà jáde, lẹ́yìn náà ni èérún sìmẹ́ǹtì tí àwọn tó lẹ táìlì fi sílẹ̀. Inú mi dùn pé n kò da kẹ́míkà sí i, nítorí ó lè má yọ́ sìmẹ́ǹtì, ó sì lè jó mi lọ́wọ́. Garawa omi kan tí mo dà sí i lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó kù nínú tírápù ni kò jẹ́ kí òórùn gòkè.

Síbẹ̀, omi ṣì dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo fi rọ́bà gígùn tí a lè rí inú rẹ̀, tí a rọ omi sí, wọn ìdọ́gba ilẹ̀: láti ibẹ̀ dé ojú ihò jẹ́ mítà 1.5, ó sì yẹ kí ihò náà fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 rẹlẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré ni mo rí. Bíríkìlà ṣí táìlì apá ibẹ̀, ó tún un lẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ife omi tí mo dà sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn tó gbẹ ṣàn tààrà sí ihò.