Bí Stop Loss bá lé ọ jáde, kí ló yẹ kó wà nínú ìwé àyẹ̀wò rẹ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Akáǹtì mi jẹ́ 1,000 dọ́là, H1 ni mo ń wò. Lánàá mo ra EUR/USD pẹ̀lú lọ́ọ̀tì 0.05, Stop Loss lé mi jáde ní píìpù 20, 10 dọ́là lọ. Ìṣẹ́jú 3 lẹ́yìn náà mo ta 0.20, tí mi ò kọ sílẹ̀ láàárọ̀, Stop Loss píìpù 15, 30 dọ́là tún lọ. Mo wá wọlé pẹ̀lú 0.40 láìsí Stop Loss rárá. Ìgbà tí mo máa fi pa á, 72 dọ́là ti bá a lọ. Mo ní ìwé àyẹ̀wò o, mo sì máàkì gbogbo rẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ìwé tó bá lè gba 0.40 láìsí Stop Loss wọlé, àwọn ìbéèrè inú rẹ̀ ni kò dáa. Irú ìbéèrè bíi “ṣé ọkàn mi balẹ̀?” tàbí “ṣé ọjà yìí dára?” kò lè dá ẹni tí inú ń bí dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ló máa dáhùn sí méjèèjì, á sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìbéèrè tí aago, ìṣirò àti ohun tó ti wà lákọsílẹ̀ lè dáhùn ni kó o kọ síbẹ̀. Mẹ́rin tó:

Àkọ́kọ́, ṣé káńdù H1 kan ti ṣí, tó sì ti parí, látìgbà tí Stop Loss ti lé mi jáde? Ìkejì, ṣé lọ́ọ̀tì yìí kò ju ohun tí ìṣirò fún mi lọ? Ìkẹta, ṣé mo ti kọ ibi tí mo fẹ́ wọlé yìí sílẹ̀ láàárọ̀, kí n tó ṣe òwò kankan? Ìkẹrin, tí èyí náà bá wọ gbèsè, ṣé àpapọ̀ àdánù òní kò ní ju 20 dọ́là lọ?

Ìṣirò lọ́ọ̀tì fún EUR/USD nìyí:

```
lot = (balance * 0.01) / (SL_pips * 10)
```

Wo òwò rẹ kejì. Owó tó kù jẹ́ 990, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 9.90. Pín in sí 150, ó di 0.066. Sísàlẹ̀ la máa ń gé e sí, nítorí náà 0.06 ni. Ìwọ wọlé pẹ̀lú 0.20. Káńdù kankan kò tíì parí láàárín ìṣẹ́jú 3, o kò kọ títà kankan sílẹ̀ láàárọ̀, 30 lórí 10 sì ti di 40. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní rárá. Òwò kẹta tilẹ̀ burú jù: láìsí Stop Loss, kò sí nọ́ńbà tó o máa fi pín, ìṣirò náà kò ṣeé ṣe.

Rárá kan ṣoṣo ti tó láti dá ọ dúró. Má ṣe fún un ní máàkì bí ìdánwò, pé mẹ́ta nínú mẹ́rin náà ti tó.

Ìbéèrè: Nígbà míì ó máa lé mi jáde, ọjà á sì padà síbi tí mo sọ. Ṣé kí n kàn máa wò ó ni?

Ìdáhùn: Pípadà wọlé lẹ́tọ̀ọ́, tó o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí òwò àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀: “Bí Stop Loss bá lé mi jáde, tí káńdù H1 sì parí sókè ibi tí mo kọ, màá wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i.” Ẹ̀ẹ̀kan péré, ìṣirò lọ́ọ̀tì kan náà.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wádìí ohun tó lé ọ jáde. Iye Bid ni ṣáàtì MT5 ń fi hàn, Ask ló sì ń pa òwò títà. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì lè mú kí Stop Loss rẹ ṣẹ nígbà tí káńdù kò dé ibẹ̀, pàápàá nǹkan bí aago 10 tàbí 11 alẹ́ ní Èkó, nígbà tí ọjọ́ ọjà ń parí ní New York, tí àlàfo náà máa ń fẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tó o gbé Stop Loss sí tàbí àkókò tó o fi òwò sílẹ̀ ni kó o tún ṣe. Fífi kún lọ́ọ̀tì kò wo ìyẹn sàn.

Ìbéèrè: Bí inú bá ti ń bí mi, mi ò tiẹ̀ ní ṣí ìwé náà.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ìwé kò lè di ọwọ́ mú. Ṣùgbọ́n MT5 ní pásíwọ́ọ̀dù méjì: èyí tó ń ṣòwò, àti èyí tó ń jẹ́ investor password, tó kàn ń jẹ́ kéèyàn wo akáǹtì. Investor password ni kó wà lórí fóònù rẹ. Lórí kọ̀ǹpútà nìkan ni kó o ti máa ṣòwò, kí ìwé àyẹ̀wò sì wà níwájú rẹ. Bí àdánù bá pé 20 dọ́là, jáde níbẹ̀ náà. Rí i dájú pé kò sí òwò tó ṣí kó o tó jáde, torí o kò ní lè fi investor password pa á.

Lópin ọ̀sẹ̀, ṣí History. Wo àkókò tí òwò tó wọ gbèsè parí àti àkókò tí èyí tó tẹ̀ lé e ṣí, kó o sì wo Volume méjèèjì. Bí àlàfo àárín wọn kò bá tó káńdù H1 kan, o ti fo ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí Volume bá fò sókè tí Stop Loss kò sì kéré sí i, ìkejì lo fò.