Nọ́ọ̀tì sáìlẹ́nsà tó dógùn-ún tí kò fẹ́ tú

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá àgbà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló so páìpù sáìlẹ́nsà mọ́ ẹ́njìnì. Mo ti tú méjì. Ẹ̀kẹta ti dógùn-ún, sípánà 14 ti ń yọ̀ lára ẹ̀. Ṣé kí n ki páìpù bọ ìdí sípánà kí n fà á tagbáratagbára?

Ìdáhùn: Rárá o, gbé sípánà yẹn sílẹ̀ ná. Tí o bá fà á báyìí, yálà igun nọ́ọ̀tì á jẹ tán, tàbí kí bọ́ọ̀tì kán mọ́ ara ẹ́njìnì, tí a ó wá máa fi ẹ̀rọ lu ihò láti yọ kùkùté ẹ̀.

Irin tó bá dógùn-ún máa ń wú. Àyè tín-ńtín tó wà láàrin eyín nọ́ọ̀tì àti eyín bọ́ọ̀tì ló ti dí pa. Ohun tí a ń wá ni bí epo ṣe máa ráyè wọlé. Mú búrọ́ọ̀ṣì onírin, kí o fi ha eyín bọ́ọ̀tì tó yọ síta títí á fi mọ́, torí orí ẹ̀ ni nọ́ọ̀tì máa gbà jáde. Fi epo tí wọ́n fi ń tú irin tó há sí i. Wá fi irin wúwo ti ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì, kí o fi òòlù kékeré máa kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kejì jẹ́jẹ́, bí ogún ìgbà. Má lu orí bọ́ọ̀tì, eyín ẹ̀ á bàjẹ́. Fi epo sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Tó bá sun ibẹ̀ mọ́jú, ó tún dáa jù.

Sókẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí o lò. Onígun méjìlá ló ń jẹ igun nọ́ọ̀tì. Kọ́kọ́ yí i díẹ̀ síbi tí wọ́n ń gbà dè é. Tó bá dún “kẹ́”, nọ́ọ̀tì ti mira nìyẹn. Wá tú u díẹ̀, dá a padà díẹ̀, fi epo sí i, kí o tún tú u. Tó bá ń yí àmọ́ tó ń rọ̀ lọ́wọ́ bíi rọ́bà, dúró! Bọ́ọ̀tì ló ń lọ́ yẹn, nọ́ọ̀tì ò tíì kúrò níbi tó wà.

Ìbéèrè: Ó sun ibẹ̀ mọ́jú, Bàbá, kò mira. Ṣé kí n fi iná sí i?

Ìdáhùn: Ó yá, àmọ́ nu epo kúrò dáadáa, kí o sì wò ó bóyá páìpù epo, rọ́bà tàbí wáyà wà nítòsí. Má fi omi tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì nù ún o. Àwọn kan lára ẹ̀ máa ń di èéfín olóró tí iná bá kàn wọ́n.

Nọ́ọ̀tì ni kí iná bà, kì í ṣe bọ́ọ̀tì. Tí nọ́ọ̀tì bá gbóná, ihò ẹ̀ á fẹ̀ sí i. Tó bá ti ń pọ́n díẹ̀, gbé iná kúrò, fi àbẹ́là kan ẹnu eyín ẹ̀ kó yọ́ wọlé, kí o tó yí i. Tí igun bá ti jẹ, fi òòlù gbá sókẹ́ẹ̀tì 13 wọ̀ ọ́.

Tó bá jáde, jù ú nù. Nọ́ọ̀tì tuntun la máa fi síbẹ̀, pẹ̀lú gíríìsì tí kì í jóná lára eyín bọ́ọ̀tì. Má wá dè é le bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí gíríìsì yẹn ń mú kó yọ̀ wọlé kọjá bó ṣe yẹ.