Oorun òru mọ́kànlá tí mo fi owó ara mi lé lọ

₦32,000 ni mo san fún agolo páúdà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pò mu kí wọ́n tó gbé irin, mo sì tún fi oorun òru mọ́kànlá lé e. Ẹni tó tà á fún mi ní Lágéré kò sọ ju "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa rí iná" lọ. Mo rí iná lóòótọ́. Títí di aago mẹ́ta òru ni iná náà ń jó lójú mi.

Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pò ó. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé ṣíbí kan ní kaféènì 200 mg. Ṣíbí méjì ni mo ń bù, kí owó mi má baà ṣòfò. Irin tí mo máa ń gbé lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, mo gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lójú àwọn ọmọ ogún ọdún! Mo yangàn délé.

Kaféènì kò bu agbára tuntun kún ti ara. Bí a ṣe ń pẹ́ lójúfò, àdénósíìnì ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, òun ló ń sọ fún wa pé ó ti rẹ̀ wá. Kaféènì á lọ jókòó sórí àga rẹ̀, a ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Àga yẹn kan náà ni oorun nílò. Nínú ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, àwọn mìíràn sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, 400 mg tí mo mu ní aago mẹ́fà ṣì ku 200 mg nígbà tí mo dùbúlẹ̀ ní aago mọ́kànlá. Ó dà bí ẹni tó mu ife kọfí méjì sùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo mu ún kẹ́yìn, mo pa á tì, mo rò pé ó parí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bí ẹni ń gún iyán lẹ́yìn ojú mi. Mo ní ibà ni. Mi ò ṣe àyẹ̀wò, mo kàn ra oògùn ibà ₦4,500, òmùgọ̀ mi nìyẹn. Mo tún ra oògùn ẹ̀fọ́rí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, mo lo méjì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò tó wákàtí kan, ẹ̀fọ́rí ti lọ. Mo yin oògùn náà títí, àmọ́ ojú mi kò pa dé. Òru mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bínú sí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, mo bínú sí ooru, ìyàwó mi náà gba tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì, nọ́ọ̀sì tí a jọ ń gbé ilé, ló mú páálí oògùn náà lórí tábìlì. "Bọ̀dá, ṣé ẹ ka ẹ̀yìn páálí yìí?" Parasítámọ̀ 500 mg, kaféènì 65 mg, nínú hóró kọ̀ọ̀kan! Ohun tí mo lé gba iwájú jáde, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ó ní ẹ̀fọ́rí yẹn fúnra rẹ̀, bí mo ṣe pa kaféènì tì lójijì ló fà á: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́sàn-án. Oògùn náà tètè mú un lọ torí pé ohun tí ara ń bèèrè ló fún un. Ká ní mo mọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ǹ bá máa dín in kù, parasítámọ̀ lásán ni ǹ bá sì rà.

Agolo náà kò ṣòfò ṣá. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni mo ń lọ jíìmù báyìí, mo sì ń mu ṣíbí kan ní aago márùn-ún, torí ó ń tó nǹkan bíi wákàtí kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. 70 kg ni mo wọ̀n. 3 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan ń lọ sí 210 mg, ṣíbí kan ti tó. Ẹni tó bá kọjá 6 mg fún kílò kan, gbígbọ̀n ọwọ́ àti àyà jíjá ló máa ń jẹ lérè. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ kọjá 400 mg lójúmọ́, aláboyún 200 mg. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, omi nìkan ni mo ń mu.

Ó ku obì. Gbànja náà ní kaféènì, kò sì sí páálí tí a máa kà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn bàbá oníbàárà mi ṣì ń bù ú fún mi ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ gbà á, mo máa ń fi í sápò, ó di òwúrọ̀ kí n tó jẹ ẹ́.