"Abeg" kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹ̀bẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú títúmọ̀ Píjìn

Ẹ jẹ́ ká fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Télọ̀ kan ní Ìbàdàn ló kọ ọ́ sí oníbàárà rẹ̀ tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá oníbàárà yìí ló ni aṣọ, ọkọ oníbàárà fúnra rẹ̀, tó jẹ́ òyìnbó, ló fẹ́ sanwó. Nítorí náà, oníbàárà fẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá fún ìyá, ó sì fẹ́ ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọkọ.

"Mummy abeg no vex. Light don give me wahala since Monday. I never finish the buba. Abeg help me send balance, I go try. No wahala."

Ẹni tó bá kánjú á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá báyìí: "Mọ́mì, mo bẹ̀ ọ́, má bínú. Iná ti fún mi ní wàhálà láti ọjọ́ Ajé. Mi ò parí bùbá náà rí. Mo bẹ̀ ọ́, ràn mí lọ́wọ́ láti fi ṣéńjì ránṣẹ́, màá gbìyànjú. Kò sí wàhálà." Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, á kọ ọ́ pé: "Mummy, I beg you, don't be angry. Light has given me trouble since Monday. I never finish the buba. I beg you, help me send the balance, I will try. No trouble."

Irú ìtumọ̀ yìí ni mo máa ń rí jù. Ojú ọ̀rọ̀ Píjìn máa ń jọ ojú ọ̀rọ̀ tí a mọ̀, ìyẹn ló ń tan èèyàn.

Ẹ má sọ "abeg" di "mo bẹ̀ ọ́" láìwo ohun tó ń ṣe nínú gbólóhùn. Lóòótọ́, inú "I beg" ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti fúyẹ́. Bí wọ́n bá fi béèrè nǹkan, "jọ̀ọ́" tàbí "ẹ jọ̀ọ́" ló bá a mu, "please" sì ni ní Gẹ̀ẹ́sì. "Mo bẹ̀ ọ́" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó dọ̀bálẹ̀, "I beg you" sì ń dún létí òyìnbó bí ohùn ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Owó iṣẹ́ ni télọ̀ yìí ń béèrè, kò tíì dé ìdí ẹ̀bẹ̀.

"Abeg" mìíràn tún wà tí kò béèrè ohunkóhun. Bí ẹnì kan bá sọ pé, "Abeg! Who tell you?", ó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ni. "Gbàgbé ìyẹn jàre! Ta ló sọ fún ẹ?" ló sọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "Oh, come on! Who told you that?" Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n ni pé kí ẹ wá ohun tí wọ́n ní kí ẹnìkejì ṣe. Bí ẹ bá rí i, ìbéèrè ni. Bí ẹ kò bá rí i, kíkọ̀ ni, "jàre" ló sì gbé e dáadáa ju "jọ̀ọ́" lọ.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtumọ̀ Yorùbá yẹn ni "ọ́" tí wọ́n fi bá ìyá sọ̀rọ̀. Píjìn ní "you" fún ẹnì kan àti "una" fún ọ̀pọ̀. Inú èdè Igbo ni "una" ti wá, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Inú "Mummy", "sir", "ma" tàbí "oga" ni Píjìn ń kó ọ̀wọ̀ sí. Tí ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbọ́dọ̀ tú ọ̀wọ̀ yẹn ká sí gbogbo gbólóhùn: "ẹ má bínú", "ẹ bá mi", "ẹ jọ̀ọ́". Bí ẹ bá pe ìyá ní Mọ́mì tán, tí ẹ wá sọ pé "má bínú", ẹ ti sọ télọ̀ di ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, ẹ yọ "Mummy" kúrò, kí ọkọ má baà rò pé ìyàwó òun ló bí télọ̀. Inú "could you" ni ọ̀wọ̀ ń gbé níbẹ̀.

"No vex" náà ń tannijẹ. Yorùbá kò ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀, torí pé àforíjì ni a máa ń fi "ẹ má bínú" tọrọ. Àmọ́ "Don't be angry" ní Gẹ̀ẹ́sì ń pàṣẹ fún èèyàn. "I'm very sorry" ni télọ̀ ń sọ.

Ní ti wàhálà, ọ̀dọ̀ Hausa ni òun ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ti di ti wa. Kò sí àṣìṣe nínú kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ni kí a rò pé gbogbo ibi tí Píjìn bá ti lò ó la lè fi sí. "You dey wahala me" kì í ṣe "o ń wàhálà mi". "O ń yọ mí lẹ́nu" ni. Yorùbá tún máa ń lò ó fún làálàá tí a fi ń yinni: "Wọ́n ṣe wàhálà lórí ọmọ yìí." Ní ti "No wahala", ẹ wo ohun tó ń dáhùn. Bí ọpẹ́ bá ṣáájú rẹ̀, "kò tọ́pẹ́" ni, "you're welcome". Bí àforíjì bá ṣáájú rẹ̀, "kò burú" ni, "that's all right". Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ wa, kò dáhùn ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ọkàn ìyá balẹ̀ ni: "ẹ má mikàn".

Èyí tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ pátápátá ni "I never finish". "Never" nínú Píjìn jẹ́ "kò tíì". Ẹni tó ní "I never chop" ń sọ pé òun kò tíì jẹun lónìí. Òyìnbó tó bá ka "I never finish the buba" á gbà pé télọ̀ yìí kì í parí aṣọ láé, kò sì ní fowó ránṣẹ́.

"Help me send" kò túmọ̀ sí pé télọ̀ ń wá olùrànlọ́wọ́. "Ẹ bá mi fi ránṣẹ́" ni. Owó tó kù ni "balance", kì í ṣe ṣéńjì. "I go try" sì jẹ́ ìlérí ẹni tó múra sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n "I will try" ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìjákulẹ̀. (Bákan náà ni "You try". Oríyìn ni lọ́dọ̀ wa: "O gbìyànjú." Bí ẹ bá sọ "You tried" fún òyìnbó, á gbọ́ pé òun kùnà.)

Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Àìsí iná ló ń dà mí láàmú láti ọjọ́ Ajé. Mi ò tíì parí bùbá náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi owó tó kù ránṣẹ́, màá sa gbogbo ipá mi. Ẹ má mikàn."

Fún ọkọ: "I'm very sorry. We've had problems with the electricity since Monday, and I haven't finished the blouse yet. Please could you send the balance? I'll do my best. Don't worry."

Ọkọ yẹn lè béèrè ọjọ́ tí aṣọ máa jáde. Ẹ má fi "next week" kún un láti tù ú nínú. Télọ̀ kò dá ọjọ́ kankan. Òun ni kí wọ́n pè.