Ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú orí fífọ́ àti ojú bàìbàì: ọsibítù ni kíá

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, bí orí bá ń fọ́ màmá tàbí bàbá yín kíkankíkan, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sì gbé 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má ṣe fi oògùn kún oògùn, ẹ má sì fi nifẹdipíìnì, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, sábẹ́ ahọ́n wọn: bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ọpọlọ tó, rọpárọsẹ̀ á sì wọlé. Mọ́tò ni kí ẹ fi gbé wọn, kì í ṣe ọ̀kadà, kí wọ́n jókòó fẹ̀yìn tì. Ẹ kó oògùn wọn dání, ẹ sì sọ aago tó bẹ̀rẹ̀ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan ò tó o: bí ojú bá ṣàdédé ṣókùnkùn, ẹ lọ, bí nọ́ńbà ò tilẹ̀ ga.